Ohun tí wáyà bò mọ́lẹ̀, àti ohun tí àbàwọ́n kàn pa láró

Ẹ fojú inú wo fọ́tò yàrá ìgbàlejò kan. Ògiri rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ wàrà, rólà ni wọ́n fi kùn ún, nítorí náà ara ọ̀dà náà ní wúruwùru kéékèèké bíi èèpo ọsàn. Fèrèsé wà lápá òsì, ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé, ògiri sì ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ sápá ọ̀tún. Wáyà dúdú kan rọ̀ láti ìdí tẹlifíṣọ̀n wá sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, òmíràn jáde lára sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó gorí pákó ìdí ògiri kọjá sílẹ̀. Lókè, nítòsí àjà, omi ti jò rí, ó sì fi òrùka àwọ̀ ilẹ̀ kan sílẹ̀. Iṣẹ́ wa ni kí a fi Photoshop mú wáyà, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti àbàwọ́n yìí kúrò, kí ẹni tó bá wo fọ́tò náà má sì mọ̀ pé ohunkóhun wà níbẹ̀ rí.

Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé a ń fi irinṣẹ́ kan náà lé gbogbo nǹkan wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n ṣe lára ògiri kò dọ́gba. Ohun méjì ni ògiri inú fọ́tò ní: ara ọ̀dà, ìyẹn wúruwùru tí ojú fi ń mọ̀ pé ògiri ni, àti ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ tó tẹ́ sórí ara náà. Wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì bo méjèèjì mọ́lẹ̀ pátápátá. Kò sí ara ọ̀dà kankan lábẹ́ wọn nínú fọ́tò náà, àfi ká lọ yá a níbòmíràn. Àbàwọ́n omi ní tirẹ̀ kò bo ara ọ̀dà. Gbogbo wúruwùru ṣì wà níbẹ̀, àbàwọ́n kàn pa á láró ni. Òjìji wáyà náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mú ara ọ̀dà láti ibòmíràn wá bo àbàwọ́n ti pa ohun tó dára rẹ́, ó sì ti fi àwárí sílẹ̀ fún ojú. Ẹni tó bá sì ń fi àwọ̀ kun ibi tí wáyà wà láìyá ara ọ̀dà, á rí ìlà kan tó ń dán bí ike láàárín ògiri tó ní wúruwùru.

Kí a tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ to àwọn ìlà fọ́tò náà kí wọ́n dúró ṣánṣán. Nínú Camera Raw tó wà lára Photoshop, Optics ló ń tún ìtẹ̀sí tí lẹ́ǹsì dá sílẹ̀ ṣe, Geometry sì ni ibi tí a ti ń mú kí igun ògiri dúró lóòró. Iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ṣáájú, nítorí pé nígbà tí pákó ìdí ògiri bá ti gún, ègé tí a bá gé lára rẹ̀ á bá ibòmíràn lára rẹ̀ mu láìjẹ́ pé a tẹ̀ ẹ́. Bí lẹ́ǹsì bá ṣì tẹ̀ ẹ́ bí ọrun, kò sí ègé méjì tó máa jọ ara wọn. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti parí mímú fọ́tò mú ṣáṣá àti pípa wínníwínní kámẹ́rà. Bí ẹ bá fi mímú un mú ṣáṣá sí ìgbẹ̀yìn, gbogbo ojú ìlẹ̀pọ̀ tí ó ti fara pamọ́ tẹ́lẹ̀ ló máa yọrí síta. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i sínú Photoshop ní 16 bit. Ògiri tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rọra dín kù kì í fara da 8 bit dáadáa, nítorí pé bí a bá ti ń tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe léraléra, ó máa ń pín sí ìlà fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀ẹ̀rẹ̀ bí àtẹ̀gùn.

Wáyà ló kàn. Ká ní fọ́tò náà fẹ̀ ní 6000 píksẹ́lì, ó ga ní 4000, wáyà sì nípọn ní 14. Ẹ dá ìpele tuntun, ìyẹn Layer, tí kò ní nǹkan kan nínú sílẹ̀, kí ẹ mú Clone Stamp, irinṣẹ́ tó ń da ibì kan nínú fọ́tò kọ sórí ibòmíràn, kí ẹ sì yan Current & Below níbi Sample, kí ohun tí ẹ bá kùn má bàa kan fọ́tò gan-an. Etí wáyà kì í parí sí píksẹ́lì 14 yẹn, ó máa ń ràn díẹ̀ sórí ògiri, nítorí náà búrọ́ọ̀ṣì tó tó 30 ni kí ẹ lò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí búrọ́ọ̀ṣì bá ṣe rọ̀ tó ni iṣẹ́ á ṣe fara pamọ́ tó. Fún awọ ara ènìyàn, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Fún ògiri, òdìkejì gan-an ló máa ń ṣẹlẹ̀. Etí búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni ibi tí ara ọ̀dà tí a yá àti èyí tó wà nílẹ̀ ti ń pò pọ̀ mọ́ ara wọn. Níbi tí wọ́n bá ti pò ní ìdajì sí ìdajì, ibi tó mọ́lẹ̀ lára ọ̀kan á bọ́ sórí ibi tó ṣókùnkùn lára èkejì, àwọn méjèèjì á sì pa ara wọn. Bí a bá wọn agbára wúruwùru tó ṣẹ́ kù níbẹ̀, bí 70 nínú 100 ni. Ìdí nìyẹn tí ibi tí wáyà ti kúrò fi máa ń ní òwú tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó dán ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, bí ẹni pé ẹnì kan fi ìka fa ọ̀dà tútù. Ìṣòro kan náà ni ẹni tó dín Opacity kù sí 50% ń fà lẹ́sẹ̀. Ẹ fi Opacity sí 100%, kí Hardness wà láàárín 60% sí 80%. Etí á gé díẹ̀, ṣùgbọ́n wúruwùru ọ̀dà fúnra rẹ̀ ló máa bo gígé náà.

Níbo ni kí a ti yá ara ọ̀dà? Ẹ jẹ́ ká fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ìṣirò. Ká ní ògiri náà jẹ́ 225 lẹ́bàá fèrèsé lórí òṣùwọ̀n 0 sí 255, tí ó sì já sí 190 ní ìkángun ọ̀tún. Ó fi 35 dín kù láàárín 6000 píksẹ́lì. Bí a bá yá ara ọ̀dà ní 50 píksẹ́lì sí ẹ̀gbẹ́ wáyà, ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó ìdajì òṣùwọ̀n kan, kò sí ojú tó lè rí i. Bí a bá yá a ní 1000 píksẹ́lì sí ẹ̀gbẹ́, ìyàtọ̀ náà á súnmọ́ 6, ìlà á sì hàn gbangba. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé láti òsì sí ọ̀tún ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà dín kù, ibi tó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ ní òòró kan náà lè jìnnà dáadáa kí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣì bára mu. Mo fẹ́ràn kí n fi ẹ̀gbẹ́ àti òkè ṣe é lọ́nà méjèèjì, nítorí pé ẹni tó bá ń yá láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀ á tẹ ìlà ògiri kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí èèrí kékeré kan tàbí ihò ìṣó bá wà nínú ibi tí ẹ yá, ìbejì rẹ̀ á yọjú ní 50 píksẹ́lì sí i. Lẹ́yìn nǹkan bíi 200 píksẹ́lì, ẹ yí orísun padà.

Bí wáyà bá gún, ẹ tẹ orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ di Shift mú, kí ẹ sì tẹ ibi tí ègé náà parí sí. Búrọ́ọ̀ṣì á gba ọ̀nà tó gún láàárín méjèèjì. Bí ó bá rọ̀ bí okùn tí a so ní etí méjì, ẹ ṣe é ní ègé kúkúrú tó tẹ̀lé ìtẹ̀sí rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo máa ń fẹ́ kí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí fi ojú ara rẹ̀ rí. Ẹ fẹ ògiri náà sí 200%, kí ẹ wo wúruwùru kan ṣoṣo. Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ tó kọjú sí fèrèsé ń tàn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ní òjìji bí èékánná. Bí ẹ bá yí ègé ọ̀dà padà láti òsì sí ọ̀tún kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, òjìji yẹn á bọ́ sápá òsì, ojú á sì ka wúruwùru náà sí ihò. Ègé náà á dà bí ibi tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún lára ògiri tó wú síta. Nítorí náà, má yí ègé padà, má sì fi yíyí tó ju ìwọ̀n díẹ̀ lọ tún un ṣe. Bákan náà ni ti ògiri tí a yà láti ẹ̀gbẹ́: wúruwùru tó súnmọ́ kámẹ́rà tóbi ju tòkèèrè lọ. Bí ẹ kò bá lè yá láti ibi tí jíjìnnà rẹ̀ dọ́gba, Clone Source ní àyè W àti H tí ẹ lè fi dín ìwọ̀n rẹ̀ kù sí 85% tàbí iye tó bá yẹ.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ju wáyà lọ ní fífẹ̀ nìkan. Ká ní tiwa jẹ́ 300 sí 180 píksẹ́lì. Kíkùn ún pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kékeré á fi àwòṣe tó ń ṣe àtúnsọ ara rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà ègé kan ṣoṣo ló dára jù. Ẹ fi Lasso fa àyíká wágunwàgun kan, kí ó má jẹ́ onígun mẹ́rin, kí ó fẹ̀ ju sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ ní 20 píksẹ́lì yíká, lára ògiri tó mọ́ ní òòró kan náà lókè rẹ̀. Ẹ fi Ctrl+J gbé e sórí ìpele tirẹ̀, kí ẹ sì wọ́ ọ wá bo sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ojú máa ń tètè rí igun mẹ́rin, kódà bí ìyàtọ̀ àwọ̀ rẹ̀ bá kéré gan-an. Ìyẹn ni mo ṣe ní kó rí wágunwàgun. Bí ègé náà bá fi díẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, ẹ so Curves, irinṣẹ́ tó ń fi ìlà tún ìmọ́lẹ̀ ṣe, mọ́ ọn nìkan, kí ẹ rọra fà á wálẹ̀ títí tí etí rẹ̀ á fi sọnù.

Healing Brush lè bá yín tún àwọ̀ náà ṣe fúnra rẹ̀, ó sì wúlò gan-an láàárín ògiri gbalasa. Ohun tó ń ṣe ni pé ó mú ara ọ̀dà láti orísun, ó wá mú àwọ̀ láti ibi tó yí ojú kíkùn ká. Ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ ti wá. Bí etí kíkùn bá kan pákó ìdí ògiri tàbí férémù ilẹ̀kùn, àwọ̀ pákó á wọ inú ògiri, á sì fi àwọsánmà dúdú sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó nítòsí ìlà, ẹ kọ́kọ́ yan ibi iṣẹ́ pẹ̀lú Polygonal Lasso, kí ibi tí ẹ yàn fẹ̀ ju ohun tí ẹ fẹ́ pa rẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí pákó tẹ̀lé ìlà náà gẹ́lẹ́. Nígbà náà, àwọ̀ òdìkejì ìlà kò ní lè wọlé.

Ibi tí wáyà kejì ti gorí pákó ìdí ògiri ló ń tú àṣírí iṣẹ́ jù. Ògiri lè gba àṣìṣe kékeré, ṣùgbọ́n ìlà kò gbà á. Bí ìlà gígùn kan bá fo sókè ní píksẹ́lì 1 péré níbì kan, ojú á dúró síbẹ̀ kí ènìyàn tó mọ ohun tó ń wò. Má fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe é. Ẹ fi Rectangular Marquee yan ègé pákó tó mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, fífẹ̀ rẹ̀ tó 120, kí gíga rẹ̀ mú 30 píksẹ́lì ògiri lókè àti 30 píksẹ́lì ilẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ gbé e sórí ìpele tirẹ̀, ẹ mú Move, ẹ di Shift mú, kí ẹ sì wọ́ ọ lọ sórí wáyà.

Bí pákó bá wà ní ìbú gan-an, ó ti parí nìyẹn. Bí ó bá dagun, ẹ kà á: ká ní ìlà òkè rẹ̀ lọ sílẹ̀ ní 12 píksẹ́lì láàárín 600, ègé tí a wọ́ ní 150 gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ní 3. Bọ́tìnì ọfà orí kíbọ́ọ̀dù ń sún un ní ẹyọ kan ẹyọ kan. Pákó tó dagun tún máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i bó ṣe ń jìnnà, nítorí náà ìlà òkè lè bára mu kí ti ìsàlẹ̀ yẹ̀. Ẹ lo Ctrl+T, kí ẹ di Ctrl mú, kí ẹ sì fa igun kan ṣoṣo títí tí ìlà méjèèjì á fi wọnú ara wọn. Ní 300% ni kí ẹ ti wò ó. Ẹ ṣàkíyèsí pé etí pákó nínú fọ́tò kì í gé bí abẹ, ó máa ń gba píksẹ́lì 2 tàbí 3 kí ó tó kúrò ní àwọ̀ pákó bọ́ sí àwọ̀ ògiri. Ègé tí a gé lára pákó kan náà ti ní rírọ̀ yẹn lára. Etí tí a fi ọwọ́ fà kì í ní in.

Lẹ́yìn tí ara ọ̀dà bá ti pé pérépéré ni kí a tó wá sórí àbàwọ́n. Bí mo ti sọ, ara ọ̀dà ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà a máa ya ara sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀, ká sì tún àwọ̀ nìkan ṣe. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe sórí ìpele kan pẹ̀lú Ctrl+Alt+Shift+E, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ó di méjì. Ẹ pe ti ìsàlẹ̀ ní Awo, ti òkè ní Ara. Sórí Awo, ẹ fi Gaussian Blur sí i títí tí wúruwùru á fi ṣẹ̀ṣẹ̀ pòórá, kí àbàwọ́n sì ṣì hàn. Fún fọ́tò tó tóbi tó báyìí, 10 sí 15 píksẹ́lì ló máa ń tó. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sórí Ara, ẹ ṣí Image > Apply Image, kí ẹ fi í sí báyìí:

```
Layer: Awo
Channel: RGB
Invert: ✓
Blending: Add
Opacity: 100
Scale: 2
Offset: 0
```

Ẹ wá yí ọ̀nà ìpòpọ̀ Ara sí Linear Light. Fọ́tò gbọ́dọ̀ padà rí bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Bí ó bá yàtọ̀, nǹkan kan ti ṣì. Ó sábà máa ń jẹ́ pé fáìlì ṣì wà ní 8 bit, tí ètò tirẹ̀ jẹ́ Subtract, Scale 2, Offset 128, tí Invert kò sì ní ààmì.

Ẹ rí i báyìí ìdí tí wáyà fi gbọ́dọ̀ kúrò kí a tó ya àwọn ìpele yìí. Bí wáyà dúdú bá ṣì wà nígbà tí ẹ fi Gaussian Blur sórí Awo, dúdú rẹ̀ á tàn sórí ògiri ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, Ara náà á sì gba ìlà funfun láti fi dí i. Iṣẹ́ wáyà kékeré kan á wá di iṣẹ́ ìlà gbòòrò lórí ìpele méjì.

Fún àbàwọ́n, ẹ fi ìpele òfìfo kan sáàárín Awo àti Ara. Lórí rẹ̀ ni kí ẹ ti mú Brush tó rọ̀ pátápátá, Hardness 0, kí Flow wà ní 10% sí 20%. Níhìn-ín rírọ̀ kò léwu, nítorí kò sí wúruwùru tó lè pa. Ẹ fi Eyedropper tí a ṣètò sí 31 by 31 Average mú àwọ̀ ògiri tó mọ́ lápá òsì àbàwọ́n, kí ẹ kùn wọlé láti òsì, lẹ́yìn náà kí ẹ mú ti apá ọ̀tún, kí ẹ kùn wọlé láti ọ̀tún. Bí ẹ bá fi àwọ̀ kan ṣoṣo kun gbogbo rẹ̀, ìdínkù ìmọ́lẹ̀ láti fèrèsé á dúró lójijì níbẹ̀, ògiri á sì ní ojú pẹrẹsẹ kan bí ẹni lẹ ìwé mọ́ ọn. Ẹ máa ṣí Blue nìkan nínú Channels wò léraléra. Àwọ̀ ilẹ̀ máa ń ṣókùnkùn jù nínú Blue, ibẹ̀ ni òrùka omi ti máa ń hàn síbẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti sọnù lójú lásán.

Nígbà mìíràn, omi ti mú kí etí òrùka náà wú tàbí bó. Ìyẹn kì í ṣe àró mọ́, ó ti ṣe ara ọ̀dà lọ́ṣẹ́, lórí Ara ni kí ẹ ti fi Clone Stamp tún un ṣe, kí Sample wà ní Current Layer. Ibi tí àbàwọ́n ti kan ìlà àjà náà yàtọ̀. Nínú Awo, àwọ̀ àjà àti ti ògiri ti wọ ara wọn níbẹ̀, kíkùn á sì fi hàlò sílẹ̀. Ẹ dúró ní nǹkan bíi 30 píksẹ́lì sí ìlà. Ègé tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ẹ fi Curves tó wà lókè gbogbo ìpele mú un mọ́lẹ̀, kí ẹ gbé Blue sókè díẹ̀ nínú rẹ̀, kí Layer Mask rẹ̀ sì gé gẹ́lẹ́ lórí ìlà àjà. Òjìji gbòòrò tí wáyà fi sílẹ̀ kò yàtọ̀ sí àbàwọ́n, kíkùn kan náà ló ń mú un kúrò.

Èmi kì í gbà láti pa àbàwọ́n omi rẹ́ nínú fọ́tò ilé tí wọ́n fẹ́ tà tàbí fi háyà. Wáyà tí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ á kó lọ kò jọ òrùlé tó ń jò, sọ́kẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ ohun tí ẹni tó ń bọ̀ á wá wá níbẹ̀. Fún fọ́tò àga tàbí ti ọ̀ṣọ́ ilé, kò sí wàhálà.

Kí ẹ tó pa fáìlì náà dé, ẹ fi Curves kan sókè pátápátá fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ fa ìlà rẹ̀ kí ó dúró gbọnrangandan ní àyíká àwọ̀ ògiri. Ìyàtọ̀ tó kéré bíi 1 tàbí 2 á di òkè àti àfonífojì. Ẹ ó rí ègé sọ́kẹ́ẹ̀tì bí ó bá ṣì ní etí, ẹ ó rí ìbejì wúruwùru bí ẹ bá yá ibì kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ pa Curves náà, kí ẹ sún fọ́tò sẹ́yìn dé 25%, nítorí àwọsánmà gbòòrò kì í hàn ní 100%. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí ojú kì í sábà dé: ilẹ̀ tó ń dán lábẹ́ pákó, níbi tí àwòjíjì wáyà ṣì lè wà, àti gíláàsì tẹlifíṣọ̀n. Bí iná orí tábìlì bá ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà tẹ́lẹ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀. Wáyà tí a gé ní ìlàjì sórí ògiri burú ju èyí tí a fi sílẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ tẹ̀lé e dé ibi tó ti wọ ẹ̀yìn tábìlì, kí ẹ sì jẹ́ kí ó parí síbẹ̀.